Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Ìwé Dókítà

Ìyá Òfin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí, wọ́n rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé ẹ̀ka ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí, kò sì sí irú irọ́ tí wọn kò tíì pa fún mi níbẹ̀. Ẹnì kan ti sin ìyá àgbà kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún méjì. Ẹlòmíràn mú ìwé dókítà wá, nígbà tí mo wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa, dókítà adìyẹ ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti sún mọ́ fèrèsé mi tó ní òun kò ní lè ṣe ìdánwò, ojú mi á kọ́kọ́ le ná. N kì í ṣe ìkà ènìyàn o. Iṣẹ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún yín, ẹni tó jẹ́ pé òtítọ́ ló ní lọ́wọ́, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ohun gbogbo nítorí pé kò fẹ́ sọ ọ́ jáde.

Káfíńtà ni. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ó síngbọnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le bíi pákó tó ń rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀. Àwọn ọmọ tó lè bí ni òun pẹ̀lú wọn jọ ń jókòó ní kíláàsì. Bàbá Káfíńtà ni wọ́n ń pè é, òun ló sì máa ń bá wọn tún àga tó bá mì ṣe kí olùkọ́ tó wọlé. Kò lò ju ọdún mẹ́fà lọ nílé ìwé nígbà èwe rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi kú, ni wọ́n bá mú un lọ kọ́ṣẹ́. Nígbà tó di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin ni ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀ranyàn mú un lọ sí ilé ìwé girama àwọn àgbà, èyí tí wọ́n máa ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọkọ òun ní ọpọlọ, kò kàn ráyè lò ó ni.

Bẹ́ńṣì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kó bẹ́ńṣì tó kàn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan, àwọn ọmọ ilé ìwé sì pagbo yí i ká bó ṣe ń tò ó. Kàkà kó lé wọn, ó dojú ọ̀kan dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn ìdí tí ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì mìíràn fi máa ń gbọ̀n tí ti òun kì í gbọ̀n. Ọ̀gá ilé ìwé náà dúró lẹ́yìn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ igi máa fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́ta òní. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ wá. Tí ẹ bá ti gbà á, ẹ̀yin ni mo máa fi sípò rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú Bàbá Káfíńtà lọ, kò sì jáde mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń pa iṣẹ́ rẹ̀ tì ní ọ̀sán, tó ń wá jókòó ti ọmọ tó ń fi bírò họ orí.

Ìdánwò àṣekágbá kù díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣe tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó máa kẹ́yìn nínú wọn sì jẹ́ ìyàwòrán iṣẹ́ igi, èyí tí wọ́n ń fi wákàtí mẹ́ta yà lórí pátákó. Ìyẹn gan-an ni ìdánwò tó ń retí jù. Ẹni tó ti ń yàwòrán àga sórí ògiri ilé oníbàárà fún ọgbọ̀n ọdún, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù níbẹ̀?

Ìpá ló bà á lẹ́rù. Ó ti tó ọdún méjì tí ìfun rẹ̀ ti máa ń yọ gba ìsàlẹ̀ ikùn bó bá ti gbé pákó tó wúwo, yóò sì dùbúlẹ̀ díẹ̀ kó tó padà sáyè rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn, ó sì ti ṣètò rẹ̀ dáadáa, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdánwò ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àfi bó ṣe di Ọjọ́rú kan tí wọ́n pè é láti ilé ìwòsàn pé dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà ń rìnrìn àjò, wọ́n ti jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ yá, kó wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ní aago méje àárọ̀. Bí kò bá lè wá, á di oṣù mẹ́wàá kí àyè mìíràn tó yọ. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí ìfun náà bá há síta tí kò padà wọlé, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní eré. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà, aago mẹ́sàn-án, ni ìdánwò ìyàwòrán.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò sílẹ̀ de iṣẹ́ abẹ. Níbẹ̀ ló ti gba ìwé, ó sì mú un wá bá mi ní ọ̀sán.

Ìlà gùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó kàn án, ó tẹ orí mọ́ fèrèsé, ó wo ẹ̀yìn, ó tún wo ẹ̀yìn.

"Ẹ káàsán, màdáàmù."

"Ẹ káàsán, bàbá. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ìyẹn ni pé, ó wà díẹ̀." Ohùn rẹ̀ wá di ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi tọ́mọ ti ń sùn. "Ìdánwò ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni. Mi ò ní lè wà níbẹ̀. Mo ní nǹkan kékeré kan tí mo fẹ́ ṣe."

"Nǹkan kékeré wo ló ju ìdánwò àṣekágbá lọ?"

"Ó wà nínú ìwé," ló wí, ó sì ti ìwé náà sí mi lábẹ́ gíláàsì.

Mo fún un ní fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún ìsúnsíwájú ìdánwò, ó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, mo sì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sí i. Ìyẹn dára, nítorí òfin wa ni pé ẹni tó bá ti mọ̀ ṣáájú pé òun kò ní lè ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, kì í ṣe kó dúró di ẹ̀yìn ìdánwò kó tó wá máa sunkún. Mo wá ṣí ìwé dókítà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un kà. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Ẹni tó mú ìwé yìí wá ní ohun pàtàkì kan ṣe pẹ̀lú wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́." Dókítà buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn sí i. Ó tán.

Ẹ wò ó, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ mo ṣe ojú le.

"Bàbá, ta ló kọ irú èyí?"

"Dókítà ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọdébìnrin ni dókítà náà, kò ju àkọ́bí mi lọ. Mo ní, 'Ọmọ mi, má kọ ọ́ fàà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi.' Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú."

"Bàbá, ìgbìmọ̀ ìdánwò kì í ṣe ọmọlúàbí o. Odindi ni kí ẹ bá mi mú wá. Kò sí ọjọ́ nínú ìwé yìí. Kò sọ pé ọjọ́ báyìí la máa dá yín dúró, kò sọ pé ẹ ò ní lè jókòó ṣe ìdánwò, kò sọ ọjọ́ tí ara yín máa le. Ẹni tó fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn fún ilé ìwòsàn náà lè mú irú ìwé yìí wá."

Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì fi bò. Ojú Bàbá Káfíńtà pọ́n. Mo ń sọ lọ pé ìwé náà ní láti dé ọwọ́ mi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lẹ́yìn ìdánwò, pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì ni òpin, pé bí kò bá dé, "kò wá" ni wọ́n máa kọ síwájú nọ́ńbà rẹ̀, òdo sì ni máàkì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìdánwò ìyàwòrán ń wáyé, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Gbogbo ìyẹn ló gbọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni mo fẹ́ sọ tẹ̀lé e, pé kò sí ẹni tó ní kí dókítà dárúkọ àìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa fi gbé ojú sókè, àyè tó dúró sí ti ṣófo. Ó ti lọ. Mo pè é, mo pè é, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà.

Ó yẹ kí n dìde tẹ̀ lé e. N kò dìde. Àwọn ènìyàn mọ́kànlá wà lórí ìlà, inú sì ń bí mi sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín yẹn. Mo ní á padà wá.

Kò padà wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, wọ́n ṣe ìdánwò ìyàwòrán, àga kan ṣófo ní ìlà kẹta. Ọjọ́rú kọjá. Ọjọ́bọ̀ kọjá. Mo pe nọ́ńbà tó kọ sínú fọ́ọ̀mù, kò wọlé. Lójú mi, fọ́ọ̀mù rẹ̀ tó wà nínú fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni tó ń wò mí. Ní ọjọ́ Ajé mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bóyá ó ti gbúròó Bàbá Káfíńtà. Ó ní rárá, ó ní àwọn kan ń sọ pé ó ti lọ fẹ́ ìyàwó kékeré ni. Mo ní kó yáa máa lọ níwájú mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, ọjọ́ òpin gan-an, ni obìnrin kan já wọ inú gbọ̀ngàn wa. Ó pupa, ó sanra níwọ̀nba, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ kan tó ń dún pá-pá-pá. Kò to ìlà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó dúró níwájú fèrèsé mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Ìyá Òfin?"

Ẹni tó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, ó kéré tán, ló ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ti dé nìyẹn.

"Èmi ni. Ìlà wà lẹ́yìn yín o, ìyá."

"Mo rí ìlà. Wọ́n á foríjì mí. Èmi ni ìyàwó káfíńtà yẹn, ẹni tó wá lọ́jọ́sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ló ti dojú kọ ògiri. Mo ní ìwé tí wọ́n ní kó mú wá ńkọ́? Ó ní òun ò lọ mọ́. Ó ní ọdún mẹ́ta ti lọ, kó máa lọ. Ó ti fóònù pa. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, mo kọ̀ láti gbé oúnjẹ fún un, kò dáhùn. Àná ló tó jẹ́wọ́. Ó ní ilé ìwé fẹ́ kí dókítà kọ ohun tó ń ṣe òun sínú ìwé fàà, kí gbogbo olùkọ́ jókòó kí wọ́n máa kà á, kí àwọn ọmọdé máa fi òun ṣẹ̀sín." Ó mí kanlẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá lọ sókè, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ìtìjú ń ṣe níbẹ̀? Ìpá ni! Ìpá lásán! Ó pa ènìyàn ni?"

Ẹni tó ń tẹ fóònù gbé orí sókè.

"Ìyá," ni mo wí, "ẹ jókòó. Kò sí ẹni tó bi í ní ohun tó ń ṣe é."

"Ẹ ní kí ni?"

"Orúkọ àìsàn kò kàn wá. Àṣírí òun àti dókítà ni. Ọjọ́ la ń fẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró, ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, pé kò lè jókòó ṣe ìdánwò ní ọjọ́ báyìí, àti ọjọ́ tó máa lè jókòó. Kí dókítà kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kó lu òǹtẹ̀. Ó tán."

Obìnrin náà wò mí títí. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo gbogbo àwọn tó ti kó ìpá ọkọ rẹ̀ sétí. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé pé mo ti pariwo lásán?"

"Lásán ni, ìyá."

Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, èkejì gbà á, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ti bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì gbé orí sórí tábìlì, mo ń gbọ̀n. Ọdún kejìlélógún, n kò rẹ́rìn-ín báyìí lẹ́nu iṣẹ́ rí.

Nígbà tó nu ojú tán, mo fún un ní ìwé ẹ̀rí ìṣègùn ti ilé ẹ̀kọ́ wa, èyí tó ní àlàfo tí dókítà ń kún. Ìwé náà ti wà nínú àpótí mi látìgbà yìí. Ká ní mo fún ọkọ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ni, à bá má dé ibí. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, ọkọ òun ló yára sáré bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi bẹ́líìtì nà án. Mo fi ìka hàn án nínú ìwé náà: kò sí àlàfo kankan fún orúkọ àìsàn. Ó ròyìn bí ilé ìwòsàn ṣe yí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà padà, mo sì sọ fún un pé kí dókítà kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọkọ rẹ̀, kó sì kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló yí i padà, nítorí ìgbìmọ̀ á bèèrè ìdí tí ẹni tó mọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò fi dá a sí ẹ̀yìn ìdánwò.

"Òní ni wọ́n fẹ́ yọ òwú tí wọ́n fi rán an," ló wí. "Aago méjì ló máa rí dókítà. Mo máa gbé èyí dé ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀."

"Aago mẹ́rin ni mo máa ti fèrèsé o."

"Ẹ fi ojú sọ́nà," ló wí. Bàtà rẹ̀ dún pá-pá-pá títí dé ìta.

Mo fi ojú sọ́nà lóòótọ́. Láti aago mẹ́ta ni n kò ti mọ ohun tí mò ń kọ mọ́. Aago mẹ́ta àbọ̀. Aago mẹ́rin kù ogún ìṣẹ́jú. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn ńlá fúnra mi, mo ní ooru ń mú mi. Kò sí ooru kankan.

Ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo rí wọn. Ìyàwó ló ṣáájú, ó ń la ọ̀nà fún un. Bàbá Káfíńtà ń bọ̀ lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ó di ìrọ̀rí kékeré kan mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn, ó di ìwé mú ní ọwọ́ kejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù lórí ìlà sì pín sọ́tùn-ún sósì, wọ́n fún un láyè. Ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ó ti mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò kúkú lè fi nǹkan pamọ́.

Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ikùn kan ilẹ̀.

"Ẹ kú ewu, sà. Bàbá tèmi náà ṣe é lọ́dún tó kọjá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwa la gbé e lọ lóru nígbà tó há. Ẹ̀yin ṣe é lásìkò, sà."

Ẹnì kan tún sọ látẹ̀yìn pé ẹ̀gbọ́n òun tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà ní in. Ẹlòmíràn ní bàbá àgbà òun sọ tirẹ̀ lórúkọ, ó ń pè é ní àlejò. Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Káfíńtà gbé ojú sókè nígbà náà, ó wò wọ́n yíká, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó di ìrọ̀rí mú ṣinṣin.

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ó ń dùn mí."

Mo gba ìwé náà. Gbogbo àlàfo kún. Ọjọ́ àtijọ́, ọjọ́ tuntun, pé ilé ìwòsàn ló yí i padà. Pé kò lè ṣe ìdánwò ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Pé tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó lè jókòó ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo lu òǹtẹ̀ sí i, mo kọ aago sí i: mẹ́rin kù ìṣẹ́jú méje. Lẹ́yìn ìyẹn mo pe ilé ìwòsàn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe, mo bèèrè bóyá ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí ti jáde. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò bèèrè ohun mìíràn, wọn ò sì sọ ohun mìíràn.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní Ọjọ́rú. Èmi ni mo máa ń kọ àkọsílẹ̀ ibẹ̀, n kò ní ìbò, ẹnu mi kò sì gbọdọ̀ yà. Alága wa jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó ka fọ́ọ̀mù, ó ka ìwé.

"Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣètò ni," ló wí. "Kì í ṣe pàjáwìrì. Kí ló dé tí kò fi dúró di ẹ̀yìn ìdánwò?"

Mo gé ètè jẹ. Ó tún bojú wo ìwé, ó rí ìlà kẹta.

"Háà. Ẹ̀yìn ìdánwò ló fi sí. Ilé ìwòsàn ló yí i. Ìgbà wo ló sọ fún wa?"

"Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìdánwò, sà," ni mo dáhùn, nítorí èmi ló bi. "Òǹtẹ̀ wa wà lára rẹ̀."

"Ìwé ẹ̀rí wọlé kí àkókò tó tán?"

"Ìṣẹ́jú méje ló kù, sà."

Ó wò mí lórí awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó péye," ló wí. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí ó ṣe ìdánwò náà ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí wọ́n ṣe ìbéèrè tuntun fún un, kí wọ́n sì kà á sí ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe é, kì í ṣe àtúnṣe ẹni tó fìdí rẹmi, nítorí náà kò sí máàkì tí wọ́n máa gé. Olùkọ́ ìyàwòrán ní òun máa máàkì rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí àbájáde lè bá ti àwọn yòókù lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Òun náà ló rántí pé ìdúró làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń yàwòrán nídìí pátákó. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fún un ní àga gíga.

Mo pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, torí òun kì í ti tirẹ̀ pa. Ariwo tó ta ní etí mi, fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, èmi ni wọ́n ní kí n ṣọ́ ìdánwò náà. Gbọ̀ngàn kékeré, àga gíga kan, pátákó kan, ẹni kan ṣoṣo. Èmi ni mo gbé pátákó náà wọlé fún un. Ó fẹ́ gbà á, mo ní, "Bàbá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó wà nínú ìwé." Ó jókòó. Ó ṣí ìbéèrè, ó kà á, ó tún un kà, mo sì ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Àfi bó ṣe mú rúlà àti pẹ́ńsù, tí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tábìlì onídúróà mẹ́ta ni wọ́n ní kó yà, láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, àti láti òkè. N kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ igi, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tó wà nínú ilé ara rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta yẹn, ó ń kun orin kan lábẹ́ ètè, kò sì sí ẹni tó ń dí lọ́wọ́, mo jẹ́ kó máa kùn ún.

Ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ àbájáde buwọ́ lu gbogbo ìwé, wọ́n kó o fún mi kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo ti lẹ àbájáde mọ́ ògiri yẹn fún ọdún méjìlélógún, nọ́ńbà lásán ni lójú mi. Lọ́jọ́ yẹn mo fi ìka wá nọ́ńbà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rí i. Ìyàwòrán iṣẹ́ igi: ọgọ́rin ó lé ẹyọ kan. Gbogbo yòókù: ó yege, ó yege, ó yege. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé àgbà fi jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀ láti wá wo ẹni tí ejò bù jẹ. Inú mi dùn, n kò lè fi pamọ́, n kò sì fẹ́ fi pamọ́.

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tán kí n tó pè é. Fóònù rẹ̀ wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Tíṣà," ni mo wí.

"Màdáàmù," ló wí, "bóyá ẹ ṣi nọ́ńbà pè. Káfíńtà ni mí."

"N kò ṣì í pè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ àbájáde yín mọ́ ògiri báyìí ni. Ẹ yege gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé yẹn. Tíṣà ni yín."

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè tó ti gbé fóònù kúrò létí, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, tó ga, tó ń gbọ̀n.

"Ìyá àwọn ọmọ! Ìyá àwọn ọmọ, sáré wá!"

Ó padà sórí fóònù.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e sílẹ̀. Ó ń bọ̀. Ẹ tún pè mí ní Tíṣà, kí òun náà gbọ́ ọ."

Mo dúró. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, mo sì tún un pè.